Kí Ìgbìmọ̀ Tó Kọ Ọ́ Pé Akápò Kówó Jẹ

Ẹ̀yin ará wa ní Aládé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ládùúgbò yín, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká tètè bá ara wa sọ. Bí ẹ̀sùn owó bá dé ìpàdé, a máa ń yan èèyàn mẹ́ta tàbí márùn-ún pé kí wọ́n lọ wádìí, kí wọ́n sì kọ àbọ̀ wá. Ìwé àbọ̀ yẹn lè parí ìjà. Ó sì lè sọ ìjà kékeré di ẹjọ́ kóòtù tí yóò jẹ owó gbogbo wa. Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ kò ju ìlà kan lọ: ìlà tí ìgbìmọ̀ ti kọ ohun tí wọ́n rò bí ẹni pé ohun tí wọ́n rí ni.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ilé 31 ló wà ládùúgbò kan, tí wọ́n dá owó tiransifọ́mà, ilé kọ̀ọ̀kan 20,000 náírà. Gbogbo rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 620,000 náírà. Àmọ́ 440,000 péré ló wọ àpò ẹgbẹ́ ní bánkì. Ẹnì kan bá kọ̀wé ẹ̀sùn pé akápò ti kó 180,000 náírà jẹ.

Ohun àkọ́kọ́ ni àwọn tí yóò jókòó sínú ìgbìmọ̀. Ẹni tó kọ ẹ̀sùn kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dun lápò tàbí tó ti ń bá akápò jà tẹ́lẹ̀. Ẹjọ́ kan wà tó kọ́ gbogbo Nàìjíríà lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Lẹ́yìn rògbòdìyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Màídúgùrì lọ́dún 1983, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí, wọ́n sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò. Ẹni tó ṣe alága ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí rògbòdìyàn ọ̀hún ṣe ní jàǹbá. Lọ́dún 1986, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ìyẹn ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Màídúgùrì. Àwọn adájọ́ ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò lè máa dá a. Wọ́n tún ní ẹ̀sùn ọ̀ràn bíi kí èèyàn dáná sun ilé, kóòtù ni yóò dá a, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ilé ìwé. Ẹ rántí gbólóhùn kejì yẹn, nítorí a óò padà sídìí rẹ̀.

Ó wá kan ìwádìí fúnra rẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ má bẹ̀rẹ̀ lórí 180,000 tí olùfisùn dárúkọ. Kí wọ́n tọpa owó náà láti ilé dé ilé. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ akápò, ilé 26 ni wọ́n sàmì sí pé wọ́n ti san. Ṣùgbọ́n ìdí rìsíìtì tó kù nínú ìwé rìsíìtì jẹ́ 24. Ó yẹ kí wọ́n lọ bá ilé méjì tó yàtọ̀ yẹn. Ní ọ̀kan, baálé ilé ní òun kò tíì san, òun kàn ṣèlérí ni. Ní ìkejì, ìyá onílé fi hàn wọ́n pé òun fi 20,000 ránṣẹ́ láti orí fóònù sínú àpò akápò fúnra rẹ̀. Kí wọ́n má fi àwòrán orí fóònù nìkan gba èyí gbọ́, torí àwòrán ṣeé yí padà. Kí wọ́n ní kí ìyá gba ìwé àkáǹtì wọn wá láti bánkì. Nígbà tí wọ́n bi akápò léèrè owó tí kò dé bánkì, ó ní òun san 40,000 fún oníṣẹ́ iná lọ́wọ́. Oníṣẹ́ iná ní 30,000 ni òun gbà, ó sì mú ìwé pélébé rẹ̀ wá, níbi tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́.

Ẹ wo bí ìṣirò ṣe yí padà. Ilé mẹ́fà kò tíì san rárá, ìyẹn 120,000. Oníṣẹ́ iná gba 30,000. Ohun tí kò tíì ní àlàyé jẹ́ 30,000 náírà péré: 20,000 tó wọ àpò akápò, àti 10,000 tí òun àti oníṣẹ́ iná ń jiyàn lé. Ká ní ìgbìmọ̀ ti kọ 180,000 sínú ìwé ni, irọ́ ni wọn ì bá fọwọ́ sí.

Bí ẹ bá ń kọ ohun tí ẹ rí, ẹ fún kókó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ sì so ẹ̀rí mọ́ ọn: “Ìyá onílé san 20,000, a rí i nínú ìwé àkáǹtì wọn, akápò náà kò sì jiyàn rẹ̀.” “Wọ́n ní” kò sí lára ohun tí a rí; bí kò bá sí ẹni tó fojú rí i, ẹ yọ ọ́ kúrò. Níbi tí ẹni méjì bá ti ń sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má fo ibẹ̀. Ẹ sọ ẹni tí ẹ gbà gbọ́ àti ìdí rẹ̀: oníṣẹ́ iná kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ìjà tó dé, akápò kò ní ìwé kankan, nítorí náà ó súnmọ́ òótọ́ jù pé 30,000 ni. Bí ìwọ̀n ẹ̀rí bá dọ́gba, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ibòmíràn, lábẹ́ àkọlé tirẹ̀, ni ìdájọ́ yín yóò wà. Níbẹ̀ ni ẹ óò ti gbé ohun tí ẹ rí lé orí òfin ẹgbẹ́. Bí òfin yín bá sọ pé gbogbo owó gbọ́dọ̀ wọ bánkì ẹgbẹ́, ẹ lè kọ ọ́ pé akápò rú òfin yẹn, àti pé ó ní 30,000 náírà láti ṣàlàyé tàbí láti dá padà. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ “olè” tàbí “ó jí owó.” Ẹ̀rí yín fi hàn pé owó kò dé ibi tó yẹ, kò tíì fi ohun tó wà lọ́kàn akápò hàn. Abala 135 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ ọ́ pé bí ọ̀rọ̀ ọ̀ràn bá jẹyọ nínú ẹjọ́, kódà ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání. Èèyàn mẹ́ta tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ alága kò lè gbé ẹrù yẹn. Bí ẹ bá fura pé olè ni, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí ẹ gbé e lọ, nítorí bí ẹjọ́ Garba ṣe kọ́ wa, kóòtù ni yóò dá ẹ̀sùn ọ̀ràn.

Kí ìwé tó dé ìpàdé, ẹ fún akápò ní ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀rí, kí ẹ dá ọjọ́ fún un láti fèsì, kí ẹ sì so èsì rẹ̀ mọ́ ìwé náà, bó bá tilẹ̀ bí yín nínú. Àwa ará Ìdànrè mọ bí àsìkò kòkó ṣe máa ń rí. Èèyàn lè wà lóko fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ má ka àìwá rẹ̀ sí pé ó ti gbà. Ẹ ránṣẹ́ sí i lóko, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ránṣẹ́ àti ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì sún ọjọ́ síwájú.

Àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ nínú ẹgbẹ́ nìkan ni ìwé náà wà fún. Kò gbọ́dọ̀ dé orí Wásáàpù, níbi tí àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó àti lókè òkun yóò ti máa fi ránṣẹ́ síra wọn, tí ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ yóò sì tibẹ̀ dìde. Bí ẹnì kan bá ti fi í síbẹ̀, kí alága ní kó yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, kí akọ̀wé sì kọ wákàtí tó yọ ọ́ sílẹ̀.