Ooru Áyọ́ọ̀nù àti Aṣọ Tí A Fẹ́ Lọ̀

Onírúurú aṣọ ló ń dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ní Ìjànìkin. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé wà níbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2022. Ẹ jẹ́ ká mú ẹrù oníbàárà kan yẹ̀ wò: ṣòkòtò dúdú poliẹ́sítà, bùláòsì ṣẹ́dà, àti ẹ̀wù funfun olówùú tí wọ́n ti rẹ sínú sítáàṣì. Áyọ́ọ̀nù kan náà la ó fi lọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ooru tí ọ̀kan ń fẹ́ lè ba èkejì jẹ́.

Ẹ wo ibi tí a ti ń yí ooru áyọ́ọ̀nù oníná. Ẹ ó rí àmì róbótó kéékèèké níbẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lára lébẹ́ẹ̀lì aṣọ pẹ̀lú. Àmì kan túmọ̀ sí ooru díẹ̀, nǹkan bí 110 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Náílọ́ọ̀nù ló ni ín. Àmì méjì jẹ́ nǹkan bí 150, fún poliẹ́sítà àti wúùlù. Ṣẹ́dà kì í kọjá àmì méjì, ó sì sàn kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí àmì kan. Àmì mẹ́ta, nǹkan bí 200, wà fún òwú. Bí wọ́n bá po òwú mọ́ poliẹ́sítà, bí ọ̀pọ̀ yunifọ́ọ̀mù ti rí, ooru tí poliẹ́sítà lè gbà ni kí ẹ lò.

Ìdí rẹ̀ ni pé òwú kì í yọ́. Tí ooru bá pọ̀ jù, ńṣe ló máa pọ́n, lẹ́yìn náà á jó. Ike ni poliẹ́sítà ní tirẹ̀. Kò ní yọ́ pátápátá títí ooru á fi tó nǹkan bí 250, ṣùgbọ́n ó ti ń rọ̀ tipẹ́tipẹ́ kó tó débẹ̀. Bí a bá wá gbé áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó rọ̀, àwọn fọ́nrán rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú aṣọ á sì máa dán. Ní Kófà Màtà ní Kánò, àwọn aláró máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi igi lu aṣọ aró kó lè dán. Títẹ́ tí ojú aṣọ tẹ́ ló ń fa dídán yẹn náà. Ohun tó jẹ́ ẹwà lára aṣọ aró Kánò, àbùkù ni lára ìdí ṣòkòtò.

Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀wù funfun. Áyọ́ọ̀nù máa ń tètè gbóná, àmọ́ kì í tètè tutù. Bí ẹ bá yí i sílẹ̀ láti orí àmì mẹ́ta sórí àmì kan, irin ìdí rẹ̀ ṣì lè jó ṣẹ́dà. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ mú iná lọ mú yín yí ooru dé òpin, kí ẹ sì máa sáré lọ gbogbo aṣọ. Ẹ ti ọ̀dọ̀ ṣẹ́dà bọ̀ sórí poliẹ́sítà, kí ẹ fi òwú kádìí rẹ̀.

Ẹ yí inú bùláòsì náà síta kó tó gbẹ tán, kí ẹ lọ̀ ọ́ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ má ta omi sí i, torí ẹ̀kán omi lè fi àpá sílẹ̀ lára ṣẹ́dà.

Ẹ yí inú ṣòkòtò náà síta pẹ̀lú. Bó bá di dandan kí ẹ lọ ojú rẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá ń fa gétì sí i, ẹ tẹ́ aṣọ òwú funfun tó tutù díẹ̀ lé e lórí. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún gbé e síwájú. Ẹ má fi ha ojú aṣọ lọ bọ̀. Ẹ ṣọ́ ibi tí aṣọ ti nípọn, bí etí àpò àti ojú ìránṣọ, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dán. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan wò, ẹ ó rí i bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ooru tó pọ̀ ni òwú fẹ́, ṣùgbọ́n sítáàṣì ara rẹ̀ máa ń jó ṣáájú òwú gan-an. Ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù díẹ̀, ẹ má dá áyọ́ọ̀nù dúró sójú kan. Sítáàṣì tó bá gbẹ mọ́ ìdí áyọ́ọ̀nù á pọ́n, á sì kùn sára aṣọ tó kàn. Ẹ jẹ́ kí irin náà tutù, kí ẹ fi aṣọ tútù nù ún.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú kò ní ibi tí a ti ń yí ooru. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lé àkísà òwú funfun fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Bí àkísà bá pọ́n, kò tíì yẹ aṣọ kankan.

Tí aṣọ kò bá ní lébẹ́ẹ̀lì, ẹ fa fọ́nrán kan yọ nínú ìṣẹ́tí rẹ̀, kí ẹ fi iná ràn án lórí àwo. Òwú á rùn bíi bébà tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Ṣẹ́dà á rùn bí irun tó jó. Poliẹ́sítà á yọ́, á sì di kókó dúdú líle.

Bí òwú bá kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tún un fọ̀, kí ẹ sá a sóòrùn. Ó lè lọ. Bí ibẹ̀ bá ti di àwọ̀ igi, tó sì ń já, òwú ti jó nìyẹn. Ní ti poliẹ́sítà tó ń dán, ẹ tẹ́ aṣọ tútù lé e, kí ẹ jẹ́ kí ooru omi gbígbóná wọ ibẹ̀ láì tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kàn tẹ́ ni, díẹ̀ á padà. Bí ẹ bá fi èékánná ha ibẹ̀, tó sì le gbagidi, ó ti yọ́, kò sì sí àtúnṣe fún un mọ́.