Ọ̀rá Ni Ká Dín Kù, Kì í Ṣe Agbára

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí à ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́: "Mo fẹ́ fọn díẹ̀." Ó dára kí ẹni tó sanra jù dín ọ̀rá kù, pàápàá bí orúnkún bá ti ń dùn ún, tàbí tí dókítà bá ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í bi ara wa. Bí ìwọ̀n bá ní kílò 6 ti lọ lára yín, kílò 6 kí ni?

Ẹ wo ọ̀dọ̀ alápatà. Kílò kan ọ̀rá àti kílò kan ẹran gidi, iye kan náà ni ìwọ̀n máa pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára wa. Ọ̀rá ni ibi tí ara ń kó agbára tó ṣẹ́ kù pamọ́ sí. Iṣan ni ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́: òun ló ń gbé ẹrù, òun ló ń gbé wa dìde lórí àpótí, òun ló sì ń di orúnkún àti ẹ̀yìn mú. Ká fi ọ̀rọ̀ ajé sọ ọ́, ọ̀rá dà bí owó àjọ, iṣan dà bí owó òwò. Ẹni tó ń ná owó àjọ díẹ̀díẹ̀, ọjà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ owó òwò, kò ní pẹ́ tí àtẹ fi máa ṣófo.

Kí Ló Ń Mú Kí Iṣan Bá Ọ̀rá Lọ?

Bí oúnjẹ tí a jẹ kò bá tó agbára tí ara ń lò, ara máa yá nínú ohun tó ti pamọ́. Bí àìtó náà bá kéré, ọ̀rá lè san án. Ṣùgbọ́n bí àìtó náà bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rá nìkan kò ní lè tètè san gbogbo rẹ̀, ara á sì máa bù lára iṣan. Ohun kejì ni pé ara ń tún iṣan ṣe lójoojúmọ́, purotéènì inú ẹja, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà ló sì fi ń ṣe é. Bí kò bá rí purotéènì nínú oúnjẹ, inú iṣan fúnra rẹ̀ ló máa lọ mú un. Ohun kẹta ni pé iṣan tí a kò lò, ara kì í fi owó bọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tó ń fi ebi pa ara rẹ̀, tó ń mu ògì lásán, tó sì jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbà sọ iṣan nù.

Àpẹẹrẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀. Láàrin ọdún 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minẹsótà ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin 36 gbà láti jẹ nǹkan bí ìdajì oúnjẹ wọn fún oṣù 6. Wọn kì í ṣe ẹni tó sanra tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn ló lọ, agbára wọn sì já wálẹ̀ gidigidi. Nígbà tí wọ́n padà sí oúnjẹ, ọ̀rá ló kọ́kọ́ sáré padà, iṣan ń fà lẹ́yìn. Ẹ ò rí i? Òun ló fi jẹ́ pé ẹni tó fi ebi fọn, tó tún wá sanra padà, lè ní ọ̀rá púpọ̀ sí i lórí iṣan tó ti dín kù.

Ẹ Jẹ́ Ká Ṣírò Rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 46 ni, èlùbọ́ ló ń tà. Ó ga ní mítà kan àti sẹ̀ntímítà 62. Kílò 84 ni, ó sì fẹ́ bọ́ sí 70. Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ, bí àwa náà ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí. Ìyá yìí ń lo nǹkan bí kálórì 2,200 lójúmọ́. Iye yẹn náà ló ń jẹ, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi lọ sókè, tí kò sì wá sílẹ̀.

Kí ló máa yọ kúrò? Kálórì 450 tó, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tó gba 50 sẹ̀ntílítà, tó máa ń mu lọ́sàn-án, ní nǹkan bí kálórì 200. Ó fi omi rọ́pò rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo pupa tàbí òróró ní nǹkan bí 120. Ó yọ ṣíbí kan nínú ohun tó ń dà sí ọbẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan gàrí gbígbẹ ní nǹkan bí 130. Ó yọ ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ẹ̀bà alẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 450. Ẹ kíyè sí i pé kò fo oúnjẹ kankan, kò sì pa ẹ̀bà tì.

Kílò kan ọ̀rá ara ní nǹkan bí kálórì 7,700. Kálórì 450 lójúmọ́ máa di 3,150 láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn kò tó ìdajì kílò. Àwọn kan máa ní ó kéré. Kò kéré o. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 2 lóṣù. Kílò 14 tó fẹ́ yọ lè gbà ju oṣù 8 lọ, nítorí bí ara bá ṣe ń fúyẹ́ ni agbára tó ń lò ń dín kù, tí ìwọ̀n náà á sì máa falẹ̀. Ẹni tó bá ń yọ ju kílò kan lọ lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí omi ara máa ń bá a lọ, ó ti ń sáré jù. Kó fi oúnjẹ díẹ̀ kún un.

Purotéènì Mélòó?

Ẹni tó ń dín ọ̀rá kù nílò purotéènì ju ti ìgbà tó ń jẹun bó ṣe wù ú lọ. Ẹni tó sanra lè fi ìwọ̀n tó fẹ́ bọ́ sí ṣírò rẹ̀: gíráàmù 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Kílò 70 ni ìyá wa fẹ́, nítorí náà gíráàmù 84 ló yẹ kó máa jẹ lójúmọ́. Gíráàmù purotéènì là ń kà o, kì í ṣe gíráàmù ẹja. Ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́, láìka ìka, ní nǹkan bí gíráàmù 22. Ẹyin kan ní 6. Abọ́ ẹ̀wà sísè kan tó kún dáadáa ní nǹkan bí 20. Gàrí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rárá.

Báyìí ló ṣe wá tò ó. Láàárọ̀, ògì tí kò ní ṣúgà, mọ́ínmọ́ín ńlá kan àti ẹyin sísè méjì: 24. Lọ́sàn-án, abọ́ ẹ̀wà kan àti ẹja tó tó ìdajì àtẹ́lẹwọ́: 31. Lálẹ́, ẹ̀bà kékeré pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́: 26. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 81. Kò jìnnà sí 84, ó sì tó. Ìdí tó fi pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta ni pé gbogbo ìgbà tó bá jẹun ni iṣan máa rí ohun tó máa fi tún ara rẹ̀ ṣe. Tẹ́lẹ̀, búrẹ́dì àti tíì ni àárọ̀ rẹ̀, ìrẹsì àti ẹran kékeré kan sì ni ọ̀sán rẹ̀. Ipò búrẹ́dì àti ìrẹsì ni mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti ẹ̀wà gbà. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló gbé wọn lé orí oúnjẹ àtijọ́ ni, kálórì 450 tó yọ ì bá ti padà wọlé.

Ẹ máa ní ẹja ti wọ́n. Òótọ́ ni. Ẹ fi ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti wàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe gbé e lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ àkàrà, nítorí òróró tó mu wà nínú ìṣirò. Ẹ̀pà náà ní purotéènì, àmọ́ ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀: ẹ̀kúnwọ́ kan ni kẹ́ ẹ jẹ, kì í ṣe ìgò kan.

Ẹ Jẹ́ Kí Iṣan Ríṣẹ́ Ṣe

Lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí àwọn oníbàárà tó dé, ẹ jókòó sórí àga, kẹ́ ẹ dìde láìfi ọwọ́ tì í, kẹ́ ẹ tún jókòó. Ẹ ṣe é nígbà 10, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún ṣe é, títí ó fi di ìpele mẹ́ta. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó lo àga tó ga. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé korobá tó ní omi tàbí gàrí láti ilẹ̀ wá sí àyà, kí ẹ̀yìn dúró gangan, kó jẹ́ pé orúnkún ló tẹ̀, nígbà 10, ìpele mẹ́ta. Bó bá ti rọrùn jù, ẹ fi ohun tó wà nínú korobá kún sí i. Ìrìn dára fún ọkàn, ṣùgbọ́n kò tó láti fi pa iṣan apá àti ẹ̀yìn mọ́.

Báwo La Ṣe Máa Mọ Ohun Tó Ń Lọ?

Ẹ máa gun ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àárọ̀ kan náà, kẹ́ ẹ tó jẹun. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọn ikùn ní ọ̀gangan ìdodo lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ẹ sì ka iye ìgbà tẹ́ ẹ lè dìde lórí àga láàrin ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí ikùn bá ń dín kù, tí iye ìdìde kò wálẹ̀, ọ̀rá ló ń lọ. Bí ìwọ̀n bá ń já wálẹ̀ ṣùgbọ́n tí ikùn wà bó ṣe wà, tí ẹrù àná ti di ohun tẹ́ ẹ ń pe ọmọ sí, owó òwò lẹ ti ń ná. Ẹ fi oúnjẹ díẹ̀ kún un, kẹ́ ẹ yẹ purotéènì wò. Tíì tó ń mú ni yàgbẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí: omi àti ìgbẹ́ ló ń gbé jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà.

Ìkìlọ̀ kan: aláboyún kò gbọ́dọ̀ dín oúnjẹ kù báyìí, ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú sì gbọ́dọ̀ bi nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ jù, kí òòyì sì gbé e. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú kò gbọ́dọ̀ fi purotéènì kún oúnjẹ láìgba àṣẹ dókítà.

Ìbéèrè fún ìjókòó wa: Nínú oúnjẹ tẹ́ ẹ jẹ lánàá, èwo ni purotéènì wà nínú rẹ̀, ó sì tó mélòó? Nǹkan méjì wo lẹ lè yọ tí kálórì 450 fi máa pé, láìfo oúnjẹ kankan?