Ṣé dísìkì ló kún ni, àbí apá mẹ́mọ́rì ni kò ká a?

Bí iṣẹ́ bá há sójú kan lórí kọ̀ǹpútà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé "mẹ́mọ́rì ti kún." Mo fẹ́ ká jáwọ́ nínú gbólóhùn yìí, torí ó ti mú kí àwọn kan ra mẹ́mọ́rì tuntun nígbà tó jẹ́ pé dísìkì ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Dísìkì ni à ń tọ́jú fáìlì sí. Iná ìbáà lọ, ẹrù wa wà níbẹ̀. Òun ló ń kún. Mẹ́mọ́rì ní tirẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń di ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ mú, bí iná bá sì ti lọ, gbogbo rẹ̀ dàánù. Lórí Linux, mẹ́mọ́rì sábà máa ń dà bí èyí tó kún láìsí wàhálà kankan, nítorí ètò náà ń fi àyè tó ṣófo tọ́jú ẹ̀dà fáìlì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò, yóò sì dá a padà bí iṣẹ́ bá nílò rẹ̀. Ìyẹn ni "kún" kò fi bá a mu. Yorùbá ti ní èyí tó bá a mu: apá mẹ́mọ́rì kò ká iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣe àdàkọ àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ lálaalẹ́. Lóru ọjọ́ kan, iṣẹ́ dúró lágbede méjì, ó sì kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé:

```
No space left on device
```

Dísìkì ló kún. Àṣẹ `df -h` fi 100% hàn. Ẹni tó ń bójú tó o pa fáìlì ńlá kan rẹ́, gígábáìtì 40, ó tún wò ó, 100% náà ni! "Mo ti pa á rẹ́" kò tíì tó láti sọ níbí. Orúkọ fáìlì náà nìkan ló yọ. Ètò tó ṣí i sílẹ̀ kò tíì jọ̀wọ́ ààyè rẹ̀. Àṣẹ `lsof +L1` ni yóò tú àṣírí ètò náà. Bí a bá ti tì í, tí a tún un ṣí, ààyè á yọ.

Ti mẹ́mọ́rì yàtọ̀. Ohun tí a óò rí nínú `dmesg` ni:

```
Out of memory: Killed process 2417 (python3)
```

Ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ náà kú. Wọ́n pa á ni. Nígbà tí apá mẹ́mọ́rì kò ká a mọ́, Linux fúnra rẹ̀ ló yan ẹni tí yóò pa, ẹni tó sì ń gba mẹ́mọ́rì jù ló sábà máa ń yàn. Ó lè jẹ́ pé ètò mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló fa ìfúnpá náà, kí ìyà sì jẹ èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti àárọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé "ó kú" á máa wá àìsàn lára òkú. Ẹni tó bá gbọ́ pé "wọ́n pa á" á béèrè irú àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lákòókò náà, àti iye mẹ́mọ́rì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dì mú.