Òfin Ọkọ̀ Ilé Iṣẹ́: Ìtumọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin ọkọ̀ rí ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa. Ọ̀gá á ra ọkọ̀, á ní, "Iṣẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ máa fi ṣe o," àwọn òṣìṣẹ́ á ní, "A gbọ́, sà," ọ̀rọ̀ parí. Ọjọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n á tó mọ̀ pé ohun tí ọ̀gá ń pè ní iṣẹ́ kọ́ ni awakọ̀ ń pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn rán awakọ̀ rẹ̀ lọ já ẹrù l'Ékòó. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó kó èrò mẹ́ta ní Bẹ́gà, ó gbowó lọ́wọ́ wọn. Ní apá Ògèrè, ó kọ lu ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn, èrò kan sì fara pa. ₦180,000 ni wọ́n máa fi tún ọkọ̀ náà ṣe. Awakọ̀ ní iṣẹ́ ni wọ́n rán òun, ọ̀nà ilé lòun sì gbà. Òótọ́ ni. Máníjà ní òun ò rán an pé kó kó èrò. Òótọ́ nìyẹn náà. Kò sí ìwé tí wọ́n lè ṣí wò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹni tó ń kọ irú òfin yìí má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjìyà. Ìtumọ̀ ni kó kọ́kọ́ kọ. Kó kọ ọ́ pé ìrìn iṣẹ́ ni èyí tí wọ́n ti kọ sínú ìwé ìrìnnà kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́gbà, pẹ̀lú ibi tó ń lọ, ohun tó fẹ́ lọ ṣe àti ìpadàbọ̀ rẹ̀. Kó kọ ọ́ pé èrò ni ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà, ì báà sanwó, ì báà má san. Kó kọ ọ́ pé awakọ̀ ni ẹni tí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ kò tíì kọjá ọjọ́, tí máníjà sì ti fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀. Kó má gbàgbé ọ̀ràn pàjáwìrì: ẹni tó bá gbé ẹni tó fara pa lójú ọ̀nà lọ sílé ìwòsàn kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kó pe ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ èrò yìí kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ló sọ pé bí wọ́n bá fi ọkọ̀ náà kó èrò gbowó, àwọn kò ní san owó ìbàjẹ́. Òfin inú ilé kò sì de ẹni tó wà níta: ẹni tó fara pa ṣì lè pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́.

Ta ni òfin náà wá dè? Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ọ̀gá bá ń fi ọkọ̀ ilé iṣẹ́ lọ òde ìnáwó ní Sátidé, tí òfin kò sì mẹ́nu kàn án, awakọ̀ kò ní ka òfin náà sí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó de ọ̀gá, máníjà àti awakọ̀, àti ọkọ̀ tí wọ́n rà, èyí tí wọ́n háyà, títí kan ọ̀kadà. Bí wọ́n bá gba ọ̀gá láyè láti máa gbé tirẹ̀ lọ sílé, kí ìyẹn náà wà nínú ìwé, àti ẹni tí yóò máa ra epo òpin ọ̀sẹ̀.

Ibi ìjìyà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti máa ń kọsẹ̀. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Máníjà tí inú ń bí á sọ pé kí wọ́n yọ ₦180,000 náà kúrò nínú owó oṣù lẹ́ẹ̀kan náà. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ti àdánù tí ìwà àmọ̀ọ́mọ̀hù tàbí àìbìkítà bá fà, ó lè yọ iye tó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n aláṣẹ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Bí awakọ̀ wa bá ń gba ₦90,000, ₦30,000 ló mọ lóṣù. Bí aláṣẹ bá tiẹ̀ gbà pé kó san gbogbo rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni.

Nítorí náà, ẹ má fi owó ṣe ìpìlẹ̀ ìjìyà. Ìwé ìkìlọ̀ tó fún ẹni tó kọ́kọ́ gbé èrò láìgbowó. Bó bá tún un ṣe, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù kan, kó máa ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́gbà. Ọtí mímu lẹ́nu iṣẹ́, fífa epo tà, àti fífún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọkọ̀ wà, ìwọ̀nyí lè já sí lílé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí òfin náà sọ ọ́ gbangba pé wọ́n á fún awakọ̀ ní ìwé ẹ̀sùn, wọ́n á fún un láyè láti fèsì, àti pé máníjà tó fẹ̀sùn kàn án kọ́ ni yóò dá ẹjọ́ náà.

Bí ìwé náà bá ti parí, kí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan sì buwọ́ lù ú kó tó tún gba kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ kà á fún un ní èdè tó gbọ́, kí ẹlẹ́rìí kan jókòó tì yín, kóun náà buwọ́ lù ú.