Ogún Wákàtí Di Mẹ́fà: Ímeèlì Ìpè sí Olùdarí Ìnáwó

Ímeèlì tí olùta sọ́fítíwíà fi ń pe olùdarí ìnáwó wá wo ọjà rẹ̀ ni a ó yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ kan tí ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ọ̀kà Àkókó, tí ó ní ẹ̀ka ní Ìkàrẹ́, ṣe àpẹẹrẹ.

> Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ kú iṣẹ́. Bí owó tó ń wọ báǹkì yín lóṣù bá tó ìgbà 600, tí akọ̀wé yín sì ń fi ìṣẹ́jú méjì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò mọ́ ìwé ìtajà, ogún wákàtí ni iṣẹ́ náà ń gbà yín. A fẹ́ fi hàn yín bí ó ṣe lè di mẹ́fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún wa ní ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ 26 oṣù yìí. Àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá tiyín gan-an ni a ó fi dán an wò.

Ẹ kíyè sí i pé òǹkọ̀wé kò sọ pé òun yóò “fi àkókò pamọ́”. Ohun tí a bá fi pamọ́, a lè padà wá mú un. Wákàtí kò rí bẹ́ẹ̀. “Gbà” ló lò, nítorí iṣẹ́ ló ń gba wákàtí lọ́wọ́ ènìyàn. Ó tún fi gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ gbé iye náà síwájú: “ogún wákàtí ni”. Ẹni tó ń ka lẹ́tà lọ́nà ìkánjú yóò rí i.

Ṣùgbọ́n ibo ni mẹ́fà ti wá? Ká ní ẹ̀rọ bá 540 nínú 600 dọ́gba fúnra rẹ̀. Ọgọ́ta tó kù ló le: oníbàárà fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sanwó, tàbí owó pí-ó-ẹ̀sì ọ̀pọ̀ ènìyàn wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó iṣẹ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún, wákàtí márùn-ún nìyẹn. Ẹ fi wákàtí kan kún un fún gbígbé àkọsílẹ̀ sórí ẹ̀rọ àti àyẹ̀wò. Olùta tó bá ṣírò ìṣẹ́jú méjì fún ọgọ́ta yìí yóò ṣèlérí wákàtí mẹ́ta péré, olùdarí yóò sì já a lọ́jọ́ àfihàn. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ oníbàárà fúnra rẹ̀ fi sàn ju àpẹẹrẹ tí olùta tò kalẹ̀, níbi tí gbogbo orúkọ ti bára mu.

Ọjọ́ 26 náà nídìí. Títí di ọjọ́ 21 oṣù ni àwọn ilé-iṣẹ́ ní láti fi jíhìn owó-orí ọjà tí a mọ̀ sí fáàtì fún oṣù tó ṣáájú. Ẹni tó bá pe olùdarí ìnáwó lọ́jọ́ 19, tó ní òun fẹ́ dín wákàtí rẹ̀ kù, òun gan-an ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.