Owó Tí Wọ́n Dè àti Owó Tí Wọ́n Yọ

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Igbẹmọ-Èkìtì tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. "Àbúrò, wọ́n ti fi epo jà mí lólè o!" Epo £42 ló rà níbi ẹ̀rọ tí èèyàn ti ń fi káàdì sanwó fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú £150 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, £8 péré ló rí. Lójú tirẹ̀, £142 ni wọ́n gbà.

Mo ní kó ka ohun tó wà lójú fóònù rẹ̀ fún mi. `Available balance` jẹ́ £8, ṣùgbọ́n `Ledger balance` jẹ́ £108. Ibẹ̀ gan-an ni àlàyé wà.

Ẹ̀rọ epo kò lè mọ iye tí o máa fà kí o tó fà á. Nítorí náà, kó tó tú epo sílẹ̀, ó bi báńkì pé ṣé £100 wà níbẹ̀. Báńkì dáhùn pé ó wà, ó sì de £100 náà mọ́lẹ̀. Owó kò kúrò nínú àkáǹtì. O kàn ò lè ná an ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ `Pending` sí i lára.

Lẹ́yìn tó fa epo tán, ilé epo fi iye tòótọ́ ránṣẹ́. Báńkì yọ £42, `Ledger balance` sì di £108. Ó yẹ kí wọ́n tú £100 nígbà náà, ṣùgbọ́n bí báńkì kò bá tètè so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, ìdè náà á ṣì wà níbẹ̀: £108 dín £100, ó ku £8. Owó epo tí wọ́n yọ kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nígbà tí wọ́n bá tú ìdè, ìlà `Pending` náà á kàn pòórá ni. Ẹ má wá ìlà tó sọ pé owó wọlé, torí ohun tí kò jáde kò lè padà wọlé. Owó tí wọ́n ti yọ ló máa ń padà pẹ̀lú ìlà tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ POS tiwa ní Adó-Èkìtì yàtọ̀. Bí àlẹ́ẹ̀tì bá dé tí ẹni tó ń tajà sọ pé òun kò rí nǹkan kan, ẹ wo `Ledger balance`. Bó bá ti dínkù, wọ́n ti yọ owó náà nìyẹn, kì í ṣe ìdè. Kò ní tú bí ìdè ṣe ń tú. Ẹ mú ẹjọ́ lọ sí báńkì tó fún yín ní káàdì. Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ní kí irú ẹjọ́ POS bẹ́ẹ̀ má kọjá wákàtí 72.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, £108 ló bá níbẹ̀.