Bí A Ṣe Ń Kán Oògùn sí Etí Tó Ń Ṣọyún

Kókó ọ̀rọ̀

• Oògùn kò lè dé ibi tí àrùn wà bí ọyún bá kún ihò etí. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa etí náà gbẹ.
• Oògùn tó tutù lè fa òòyì. Àtẹ́lẹwọ́ ni a fi ń mú ìgò rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.
• Lẹ́yìn tí a bá kán oògùn tán, aláìsàn gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5.

Etí wo ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Bí ọyún bá ti ń jáde láti inú etí fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sábà máa ń jẹ́ pé ìlù etí ti lu. Oògùn apakòkòrò tí a ń kán sínú etí, irú bíi siprofilọ́sásìn, ni a fi ń tọ́jú rẹ̀. Kò yẹ kí a lo oògùn etí mìíràn tó bá wà nílé láìbéèrè, nítorí àwọn kan, bíi jẹntamáísìn, lè ba ìgbọ́ràn jẹ́ bí wọ́n bá gba inú ìlù tó lu kọjá.

Fífa etí gbẹ

Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn yóò fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ rẹ̀. Yóò ká aṣọ òwú mímọ́ tàbí tíṣù tó lágbára bí òwú àtùpà, yóò sì rọra fi í sí ihò etí. Bí ó bá ti rin, yóò yọ ọ́, yóò sì fi òmíràn sí i, títí èyí tó yọ kẹ́yìn yóò fi jáde ní gbígbẹ. A kì í fi igi, ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi olówùú ro etí náà, nítorí wọ́n lè gún ìlù etí.

Mímú ìgò lọ́ wọ́ọ́rọ́

Ẹ̀yà ara tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ wà nínú etí lọ́hùn-ún, omi sì wà nínú rẹ̀. Bí oògùn tútù bá wọ etí, omi yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni pé orí ń yí. Òòyì á kọ́ aláìsàn, ó sì lè bì. Nítorí náà, kí a di ìgò mú sínú àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2, pàápàá bí ó bá ti inú fíríìjì jáde. A kì í gbé e sórí iná tàbí sínú omi gbígbóná. Ooru púpọ̀ lè jó etí, ó sì lè ba oògùn jẹ́.

Kíkán oògùn àti bí orí ṣe yẹ kó wà

Aláìsàn yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, etí tó ń dùn ún yóò sì kọjú sókè. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, a ó rọra fa ewé etí sí ìsàlẹ̀ àti sí ẹ̀yìn. Fún ẹni tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó fà á sí òkè àti sí ẹ̀yìn. Èyí ni yóò mú kí ihò etí tọ́. A ó kán iye ẹ̀kán tí a kọ fún aláìsàn, láìjẹ́ kí ẹnu ìgò kan etí.

Lẹ́yìn náà, a ó fi ìka tẹ ẹran kékeré tó wà níwájú ihò etí, a ó sì tú u sílẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Títẹ̀ yìí ló ń ti oògùn wọlé. Orí kò gbọ́dọ̀ kúrò bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Bí aláìsàn bá dìde kíákíá, oògùn á ṣàn jáde sí ọrùn. Bó bá jẹ́ etí méjèèjì ni, kí àkókò yìí pé kí a tó yí i padà. A kì í fi òwú gbígbẹ dí etí, nítorí òwú á fa oògùn náà mu.

Àpẹẹrẹ kan

Etí ọ̀tún ọmọ ọdún 2 kan ti ń ṣọyún fún ọ̀sẹ̀ 3. Wọ́n kọ siprofilọ́sásìn fún un, ìgbà 3 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2. Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà wá lọ́jọ́ karùn-ún, ọyún náà kò dín kù. Nọ́ọ̀sì ní kí ó ṣe é lójú òun. Ìyá náà gbé ọmọ jókòó, kò fa etí gbẹ, ó sì gbé ọmọ sẹ́yìn lẹ́yìn tó kán oògùn tán. Oògùn náà dára, ṣùgbọ́n kò dé ibi tó yẹ kó dé. Nọ́ọ̀sì fi hàn án bí a ṣe ń fa etí gbẹ. Ó tún ní kí ó fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ lórí itan, kí ó sì fi ọwọ́ kan di orí rẹ̀ mú. Nígbà tí oògùn wọlé, ọmọ náà fajú ro, ó sì gbé nǹkan mì: oògùn ti gba ìlù tó lu dé ọ̀fun rẹ̀. Ìkorò yìí kì í ṣe ewu. Àmì pé oògùn náà wọlé ni.

Ìgbà tó yẹ kí a tètè lọ sí ilé ìwòsàn

Kí a má ṣe dúró bí ẹ̀yìn etí bá wú tó sì ń dun aláìsàn, bí ojú rẹ̀ bá wọ́ sí apá kan, bí ọrùn rẹ̀ bá le, tàbí bí òòyì kò bá lọ. Bí etí bá ṣì ń ṣọyún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 tí a ti ń lo oògùn bó ṣe yẹ, kí òṣìṣẹ́ ìlera tún un yẹ̀ wò. Títí etí yóò fi gbẹ, kí omi má ṣe wọ inú rẹ̀ nígbà ìwẹ̀, kí aláìsàn má sì lúwẹ̀ẹ́.